Nọ́ńbà Tí Kò Gbọdọ̀ Dúró Sójú Kan: Bí Súpámákẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Tún Ọjà Rà

Iṣẹ́ tí wọ́n fi rán mi lónìí ni pé kí n sọ bí súpámákẹ́ẹ̀tì ṣe lè mọ ìgbà tó yẹ kó tún ọjà rà, pàápàá ọjà tó ń yá lọ́wọ́, tí títà rẹ̀ sì máa ń ru sókè nígbà ọdún. Mi ò ní gbé gbogbo ọjà yẹ̀ wò. Ẹyọ kan ni màá mú, ìyẹn mílíìkì oníyẹ̀fun, ní àkókò kan, ìyẹn ààwẹ̀ Ràmàdáánì, nínú súpámákẹ́ẹ̀tì kan tí a ó fi sí Ìbàdàn. Iye tí mo fẹ́ fi ṣe ìṣirò, àpẹẹrẹ lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò náà ni kẹ́ ẹ mú dání. Ohun kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà ọdún, kì í sábà jẹ́ èrò ọjà nìkan ló ń sọ pẹpẹ dòfo. Ọjọ́ tí a fi ń dúró de ọjà máa ń gùn sí i lásìkò kan náà tí èrò pọ̀, àmọ́ tìtorí èrò nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà fi ń tún nọ́ńbà wọn ṣe.

Nọ́ńbà tí mò ń wí ni àmì ìtúnrà: iye tí ọjà yóò lọ sílẹ̀ dé kí a tó pe alágbàtà pé kó gbé òmíràn wá. Kò sí ilé-ìtajà tí kò ní i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ẹni tó ń ṣọ́ sítọ̀ nìkan ló wà, tí a kò kọ ọ́ síbì kankan. Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ di í. Èkíní ni iye tí à ń tà lójúmọ́. Èkejì ni iye ọjọ́ tí ọjà fi ń bọ̀, láti ìgbà tí a bá ti pe alágbàtà títí dìgbà tí ọjà bá gun orí pẹpẹ, kì í ṣe títí dẹ́nu ọ̀nà sítọ̀. Èyí ni màá máa pè ní ọjọ́ ìdúró. Ẹ̀kẹta ni ọjà àfipamọ́, ìyẹn ìwọ̀nba tí a fi lé e lórí nítorí pé méjèèjì àkọ́kọ́ kì í ṣe déédéé lójoojúmọ́. Ọjà àfipamọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ojú lásán bù, tí ẹlòmíràn sì ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin ṣe fún gbogbo ọjà láìwo èyí tó ń ṣe ségesège àti èyí tí kò ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é fún ọjọ́ lásán. Ká sọ pé ilé-ìtajà wa ń ta 12 páálí mílíìkì lójúmọ́, tí ìwọ̀n ségesège rẹ̀ sì jẹ́ 4, ìyẹn ni pé bí a bá mú ọjọ́ mẹ́ta, títà ọjọ́ méjì nínú wọn yóò wà láàárín 8 sí 16. Ọjọ́ ìdúró jẹ́ 5, ó sì lè fi ọjọ́ 1 yá tàbí kó fi ọjọ́ 1 pẹ́. A fẹ́ kó jẹ́ pé nínú ogún ìgbà tí a bá ń retí ọjà, mílíìkì kò ní tán mọ́ wa lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìwé ìṣirò ti fún ìpinnu yẹn ní iye kan, 1.65. Bí a bá tẹ èyí sínú ojú ìwé ìṣirò kọ̀ǹpútà:

```
=12*5 + 1.65*SQRT(5*4^2 + 12^2*1^2)
```

yóò fún wa ní nǹkan bí 85. Ọgọ́ta páálí nínú rẹ̀ ni ohun tí a ó tà kí ọjà tó dé, 25 tó kù sì ni ọjà àfipamọ́. Ẹ wo inú àkámọ́ yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Apá kìíní, tó jẹ́ 80, ti ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wá, nítorí pé wọn kì í ra iye kan náà lójoojúmọ́. Apá kejì, tó jẹ́ 144, ti ọ̀dọ̀ alágbàtà wá, nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ lè pẹ́. Ní ọjọ́ lásán pàápàá, nígbà tí ohun gbogbo rọlẹ̀, ìpẹ́ ọjọ́ kan péré lọ́dọ̀ alágbàtà ti ń da ìṣirò wa láàmú ju gbogbo ségesège àwọn oníbàárà lọ. Bí onílé-ìtajà bá sì ń sọ pé àwọn oníbàárà ni kò ṣe é mọ̀, kó wo apá kejì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní báyìí, ààwẹ̀ dé. Títà gòkè láti 12 sí 20 páálí lójúmọ́, ségesège rẹ̀ náà sì di 6. Ohun tí ilé-ìtajà tó mọṣẹ́ díẹ̀ máa ń ṣe nìyẹn: á fi 20 rọ́pò 12, á fi 6 rọ́pò 4, á sì fi ọjọ́ ìdúró sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmì ìtúnrà rẹ̀ yóò di 140, inú rẹ̀ á sì dùn pé òun ti múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ààwẹ̀ tó mú kí oníbàárà wa pọ̀ náà ló mú kí oníbàárà alágbàtà pọ̀. Gbogbo ilé-ìtajà tó wà láti Mọ́kọ́lá títí dé Challenge ló ń pè é lọ́sẹ̀ kan náà, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i, ọjà tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún un kò sì lè di ìlọ́po méjì lójijì. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwọ̀n pín in: ẹni tó pe 100 á gba 60, ẹni tó yẹ kó gbà á lọ́jọ́ Ajé á gbà á lọ́jọ́ Ẹtì. Ká ní ọjọ́ ìdúró wá di 8, tó sì ń fi ọjọ́ 3 yá tàbí pẹ́:

```
=20*8 + 1.65*SQRT(8*6^2 + 20^2*3^2)
```

Èsì rẹ̀ jẹ́ 263. Ìyàtọ̀ láàárín 140 àti 263 ni ihò tí ilé-ìtajà tó tún títà nìkan ṣe máa ń kó sí. Ẹ tún jẹ́ ká yí i padà, ká gbà pé èrò kò pọ̀ rárá, pé 12 náà là ń tà, tí ségesège rẹ̀ ṣì jẹ́ 4, ṣùgbọ́n pé ọjọ́ ìdúró ti di 8 pẹ̀lú ségesège 3. Àmì ìtúnrà yóò jẹ́ 158. Lọ́rọ̀ kan, ìdúró tó gùn láìsí èrò kankan ń béèrè ohun tó ju èrò tó pọ̀ láìsí ìdúró lọ. Bí mo bá fẹ́ jẹ́ ẹni tó le díẹ̀, màá ní ilé-ìtajà tó ń ka rìsíìtì rẹ̀ lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí kò kọ ọjọ́ tó pe alágbàtà àti ọjọ́ tí ọjà dé sílẹ̀, ìdajì ìṣirò náà tó rọrùn ló ń ṣe, ó sì fi ìdajì tó wúwo sílẹ̀. Ìwé kékeré kan tó ní ọ̀wọ́ mẹ́ta, ìyẹn ọjọ́ tí a pè é, ọjọ́ tó dé àti iye tó dé nínú iye tí a pè, tó láti tún èyí ṣe láàárín ọdún kan.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí gbogbo wa bá gbé àmì ìtúnrà wa sókè, ṣé kì í ṣe àwa gan-an ni a ó mú kí ọjà ọ̀dọ̀ alágbàtà tètè tán? Ìbéèrè gidi ni. Lọ́dún 1997, Hau Lee, V. Padmanabhan àti Seungjin Whang kọ̀wé lórí bí ìpè fún ọjà ṣe máa ń wú sí i bó ṣe ń jìnnà sí oníbàárà, láti ilé-ìtajà dé ọ̀dọ̀ alágbàtà, láti ọ̀dọ̀ alágbàtà dé ilé-iṣẹ́. Ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tí wọ́n ní ó ń fà á ni èyí gan-an: nígbà tí ènìyàn bá mọ̀ pé ìdajì ni wọn yóò fún òun, á pe ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pe ìlọ́po méjì nínú ìpayà ní ọ̀sẹ̀ kìíní ààwẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ti ṣírò tirẹ̀, tó sì pe iye tó ń fẹ́ gan-an kí ààwẹ̀ tó wọlé, nígbà tí sítọ̀ alágbàtà ṣì kún. Ìkejì yìí ń tan ìpè rẹ̀ sórí ọjọ́ púpọ̀, ó sì ń fún alágbàtà láyè láti sọ fún ilé-iṣẹ́. Ẹni tó pẹ́ kó tó gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè ló ń dá kún ọ̀wọ́n ọjà náà.

Níbo wá ni a ti rí 20 páálí yẹn? Ibí ni àkọsílẹ̀ ti máa ń purọ́ fún wa. Ká sọ pé nínú ààwẹ̀ ọdún tó kọjá, ilé-ìtajà yìí ta 420 páálí láàárín 30 ọjọ́. Kọ̀ǹpútà yóò pín in, á ní 14 lójúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àkọsílẹ̀ sítọ̀, a ó rí i pé mílíìkì kò sí lórí pẹpẹ fún 9 ọjọ́ nínú 30 náà. Nínú ọjọ́ 21 tó wà ni a ti ta 420, ìyẹn 20 lójúmọ́. Iye tí a tà kọ́ ni iye tí àwọn ènìyàn fẹ́ rà. Iye tí a rí tà ni. Ilé-ìtajà tó bá fi 14 ṣe ìfojúsọ́nà ọdún yìí yóò tún ṣe aláìní lọ́dún yìí, àkọsílẹ̀ ọdún yìí yóò sì tún kéré, èyí tí yóò fi múra fún ọdún tó ń bọ̀ yóò sì kéré sí i. Ọjà tó máa ń tán ló ń jọ ọjà tí kò tà lójú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni pé 20 náà lè ga díẹ̀, torí àwọn tí kò rí i rà lánàá lè wá ra tàná pọ̀ mọ́ tòní lọ́jọ́ tí ọjà bá dé. Bákan náà, mílíìkì orúkọ kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò ti tà ju bó ṣe yẹ lọ láàárín ọjọ́ 9 yẹn, ó sì yẹ kí a dín tirẹ̀ kù. Nítorí náà, ẹni tó bá mú 18 tàbí 19 kò ṣe àṣìṣe. Ẹni tó mú 14 ló ṣe é.

Irọ́ kejì ti ọ̀dọ̀ kàlẹ́ńdà wá. Kérésìmesì kì í yẹ̀ kúrò ní ọjọ́ 25 oṣù kejìlá, nítorí náà ẹni tó bá fi oṣù kejìlá èṣí wo tọdún yìí kò jìnnà sí òtítọ́. Ààwẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùpá ló ń tọ́ ọ, ó sì ń fi bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ṣíwájú lọ́dọọdún. Lọ́dún 2024, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, ìtúnu sì bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Lọ́dún 2025, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, ìtúnu sì jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kan náà. Ẹ wá wo kọ̀ǹpútà tí a ní kó fi ọjọ́ èṣí ṣe ìfojúsọ́nà ọjọ́ òní. Nígbà tó bá wo ọjọ́ 1 sí 9 oṣù kẹrin 2024, á rí títà ńlá, torí inú ààwẹ̀ ni. Á wá pe ọjà púpọ̀ fún ọjọ́ 1 sí 9 oṣù kẹrin 2025, nígbà tí àwọn ènìyàn ti jẹun ìtúnu tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 2025, tó jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ gan-an, ọjọ́ tí kò tíì sí ààwẹ̀ lèṣí ló ń wò. Ó ṣìnà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó tún ṣìnà ní ìparí, síbẹ̀ àpapọ̀ oṣù méjèèjì lè dà bíi pé ó dára, èyí tó mú kó ṣòro láti mọ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí a má fi ọjọ́ oṣù nìkan kọ títà sílẹ̀. Kí a tún fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ààwẹ̀ rẹ̀, láti ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ààwẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìtúnu. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ 2024 ni a ó fi wo ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ 2025, ibi yòówù kí wọ́n bọ́ sí. Èyí yóò tún fi hàn wá pé títà kì í tẹ́jú láàárín oṣù náà: bí ọjà ìsáárì àti ìṣínu ṣe ń tà ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni yóò ṣe máa tà lọ́jọ́ díẹ̀ sí ìtúnu, nígbà tí ojú àwọn ènìyàn ti yí sí ìrẹsì, òróró àti tòmátò alágolo. A kò níláti dààmú lórí ọjọ́ kan tí òṣùpá lè fi yẹ̀, torí ọjà àfipamọ́ gbé ìyẹn. Ohun tó yẹ kó dààmú wa ni owó oṣù. Kàlẹ́ńdà méjì ló gun ara wọn: ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ 2025 bọ́ sí àsìkò tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ti 2024 kò sì bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò mọ èyí tó jẹ́ ti ààwẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti owó oṣù. Àwọn oṣù kan sì wà tí kò yẹ ká fi wọn ṣe àpẹẹrẹ rárá, bí ìgbà tí wọ́n sé àwọn ènìyàn mọ́lé lọ́dún 2020, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó bébà di ọ̀wọ́n. Kí a yọ wọ́n kúrò, kí a sì kọ ìdí tí a fi yọ wọ́n, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má dá wọn padà.

Ó ku ìgbà tó yẹ ká yí nọ́ńbà náà padà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìtajà máa ń gbé e sókè lọ́jọ́ tí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́jọ́ ìtúnu. Méjèèjì ló pẹ́. Àmì ìtúnrà tòní kì í sọ̀rọ̀ nípa títà tòní. Nípa títà ọjọ́ tí ọjà tí a pè lónìí yóò fi wà lọ́nà ló ń sọ. Bí ọjọ́ ìdúró bá jẹ́ 8, tí àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó mílíìkì pamọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ààwẹ̀, ó kéré tán, ọjọ́ 11 ṣáájú ni 85 yẹ kó ti máa gòkè lọ sí 263. Ní ìparí, ó yẹ kó ti máa wálẹ̀ láti bí ọjọ́ kejìlélógún ààwẹ̀, nígbà tí èrò ṣì ń dé, torí ohun tí a bá pè lọ́jọ́ náà, ìtúnu ló máa bá dé. Èyí ló máa ń ṣòro jù fún ẹni tó dúró sínú ilé-ìtajà. Ó ń rí èrò, ojú rẹ̀ sì ń sọ fún un pé kó pè sí i. Àwọn páálí tí a máa ń rí tí wọ́n tò jọ ní igun sítọ̀ ní oṣù kejì lẹ́yìn ọdún, ìpè ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn yìí ló bí púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un fún àwọn tí kọ̀ǹpútà ń bá wọn pe ọjà. Àmì 263 kì í ṣe iye tó yẹ kó wà nínú sítọ̀ nìkan. Ohun tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a ti pè tí kò tíì dé ni a ń fi wé e. Bí ọjà 90 bá wà nílẹ̀, tí 180 sì wà lọ́nà, 270 ni, kò tíì yẹ ká pè. Ẹni tó bá wo 90 nìkan yóò pè lónìí, á tún pè lọ́la, á pè lọ́túnla, gbogbo rẹ̀ á sì wọlé lọ́sẹ̀ kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni 90 tí kọ̀ǹpútà ń wí lè má jẹ́ 90. Nicole DeHoratius àti Ananth Raman gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2008 lórí àkọsílẹ̀ ọjà tó sún mọ́ 370,000 láti ilé-ìtajà 37 ti ilé-iṣẹ́ kan. Nǹkan bí 65 nínú ọgọ́rùn-ún àkọsílẹ̀ náà ni kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Èyí tó burú jù ni kí kọ̀ǹpútà gbà pé ọjà wà nígbà tí kò sí, torí kò ní pe òmíràn títí láé. Àmì rẹ̀ ni pé ọjà tó máa ń tà lójoojúmọ́ yóò ṣàdédé ta òdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé ó pọ̀ nílẹ̀. Kí ẹnìkan rìn lọ wo pẹpẹ náà ní kíákíá.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti owó. Wọ́n á ní, nílẹ̀ wa níbi tí báǹkì àpapọ̀ ti gbé èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kọkànlá 2024, ta ló fẹ́ fi owó yíyá sínú mílíìkì tó jókòó? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní páálí kan jẹ́ ₦50,000, èrè orí rẹ̀ ₦3,000, èlé sì jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Láàárín 140 àti 263, ọjà àfipamọ́ fi 63 páálí ju tàkọ́kọ́ lọ. Owó wọn jẹ́ ₦3,150,000, èlé rẹ̀ fún 40 ọjọ́ kò sì ju bí ₦105,000 lọ. Bí alágbàtà bá ń gba owó kó tó gbé ọjà, a ní láti ka gbogbo 123 náà, èlé á sì jẹ́ bí ₦205,000. Lọ́wọ́ kejì, ọjọ́ 4 péré tí pẹpẹ kò ṣófo jẹ́ 80 páálí, èrè rẹ̀ sì jẹ́ ₦240,000, láìka ìrẹsì àti ṣúgà tí oníbàárà náà ìbá rà pọ̀ mọ́ ọn. Fún mílíìkì, ìṣirò yìí dúró, nítorí pé èyí tó bá ṣẹ́kù yóò tà lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Kò dúró fún gbogbo ọjà o, àwọn tó ń ṣàtakò sì gbà á níbẹ̀. Ẹ mú búrẹ́dì. Bí a bá pàdánù èrè ₦200 lórí ẹyọ tí a kò rí tà, tí a sì pàdánù ₦800 lórí ẹyọ tó sùn mọ́ wa lọ́wọ́, a ó pín 200 sí 1,000, á fún wa ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iye tó yẹ ká kó ni èyí tí yóò tó fún àwọn oníbàárà ní ọjọ́ kan péré nínú márùn-ún. Ní ọjọ́ mẹ́rin yòókù, ó yẹ kó tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀gá tó ń bá òṣìṣẹ́ rẹ̀ jà pé búrẹ́dì tán ní agogo méje alẹ́ lè jẹ́ pé òun gan-an ló ń pàdánù owó. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń kó ọjà jọ nítorí pé owó ọjà ń gòkè, èyí sì jèrè fún ọ̀pọ̀ lẹ́yìn tí náírà já ní 2023. Iṣẹ́ mìíràn ni ìyẹn. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀, kó má sì fi í sínú àmì ìtúnrà, torí bí owó ọjà bá wálẹ̀, kò ní mọ èyí tó ṣìnà nínú ìṣirò àti èyí tó jẹ́ tẹ́tẹ́.

Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń sọ pé ojú ẹni tó ti ṣọ́ sítọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tó, pé kò sí ohun tí ìṣirò fẹ́ fi kún un. Mi ò bá wọn jiyàn lórí ohun tí ojú náà rí. Ó mọ̀ pé alágbàtà fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ kan, ó mọ̀ pé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ṣí lẹ́yìnkùlé, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ó kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìṣirò, kó kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí a sì wò ó lẹ́yìn ọdún. Bí ó bá ti mọ ohun kan tí ìṣirò kò mọ̀, yóò hàn. Bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rù lásán, yóò hàn bákan náà, torí gbogbo àtúnṣe rẹ̀ ni yóò máa gòkè, tí ọ̀kan kò ní wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú àti ìṣirò yìí yóò sì tún gbóná sí i láìpẹ́. Bí òṣùpá ṣe ń sún ààwẹ̀ síwájú, lọ́dún 2030 yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan ṣoṣo, ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kìíní, àti ní nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, ní ọ̀la Kérésìmesì. Lọ́dún 2031 àti 2032, inú ààwẹ̀ ni ọjọ́ Kérésìmesì gan-an yóò bọ́ sí. Ìgbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn ni 1998, 1999 àti 2000, ilé-ìtajà tó sì ní àkọsílẹ̀ títà ọjọ́ wọ̀nyẹn nínú kọ̀ǹpútà kò lè pọ̀. A kò kàn lè da títà Kérésìmesì pọ̀ mọ́ ti ààwẹ̀, torí ìdílé kan náà tó ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kì í ra mílíìkì lẹ́ẹ̀mejì, owó oṣù kan náà ni wọn yóò sì ná. Bóyá títà á kéré sí àròpọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó máa ń ti ilẹ̀kùn fún ìsinmi ọdún ní òpin oṣù kejìlá yóò tì í ní àárín ààwẹ̀. Ọjọ́ ìdúró, tí a ti ń bá 8 yí, lè di 12 tàbí 15. Ẹni tó bá ti ń kọ ọjọ́ tí alágbàtà dé láti ọdún yìí lọ yóò ní Kérésìmesì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́wọ́ tí yóò fi mọ èyí tí yóò mú.